Ta ló ba ìró yìí jẹ́: ẹni tó hun ún ni àbí ẹni tó rán an pọ̀?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí a ṣe ìgbéyàwó ọmọ mi obìnrin. Mo ra aṣọ òkè olówùú fún ìró mi àti agbádá bàbá ìyàwó. Ọnà igun mẹ́rin-mẹ́rin ló ní, funfun kan, aró kan. Télọ̀ gé ti ìró sí abala 14, ó sì rán wọn pọ̀. Ní etí kan, funfun kọjú sí aró bó ṣe yẹ. Kí ó tó dé etí kejì, funfun ti ń kọjú sí funfun. Gbogbo aṣọ náà tún dà gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rírán sì ń ká jọ. Télọ̀ ní ẹni tó hun ún ló fà á, ẹni tó tà á fún mi ní télọ̀ ni. Ẹnì kan ní kí n gé ibi tó yọ síta kúrò, ẹlòmíì ní kí n rẹ ẹ́ sómi kí n wá lọ̀ ọ́. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gé ti agbádá?"

Ẹ̀yin ìyá ìyàwó, ẹ kú ìmúra. Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé nǹkan kan kúrò lára ìró yẹn, ẹ má sì jẹ́ kí omi kàn án. Àìsàn méjì ló ń ṣe aṣọ yín, wọ́n kàn jọ pàdé lára ìró kan náà ni. Ọnà tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tó wá ń sá díẹ̀díẹ̀ títí funfun fi kọjú sí funfun, orí òfì ló ti wá. Gẹ̀rẹ́ tí aṣọ dà àti kíká tí ojú rírán ń ká jọ, abẹ́ maṣíìnì ló ti wá. Nítorí náà, òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu télọ̀, òótọ́ díẹ̀ sì wà lẹ́nu ẹni tó ta aṣọ. Ohun kẹta tún wà tí wọn ò dárúkọ fún yín, ìyẹn téèpù tí télọ̀ fi wọn abala 14 náà kí ó tó gé wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọnà ló kà ni, àṣìṣe orí òfì ì bá ti hàn síta kí abẹ́rẹ́ tó kan aṣọ.

Agboolé ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. N kò pẹ́ lórí òfì kí wọ́n tó rí i pé ojú mi mọ́ sídìí abẹ́rẹ́, rírán aṣọ òkè pọ̀ ni mo sì ti ń ṣe láti ọdún tó ti lé ní 30. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ra aṣọ òkè kò mọ bí ó ṣe jáde láti orí òfì, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Aṣọ òkè kì í fẹ̀ tó ìró láti orí òfì. Tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni, fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ bí ínǹṣì 4, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ lè lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé. Ahunṣọ jókòó, òwú tí ó ti ta nà gbọọrọ síwájú rẹ̀, wọ́n sì so ìdí òwú náà mọ́ ẹrù tí wọ́n gbé òkúta lé lórí nílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹrù yìí ló ń fa òwú kí ó le. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìtẹsẹ̀, òwú òòró yà sí méjì, ó ju ọ̀kọ̀ tó gbé òwú ìdábùú dání gba àárín rẹ̀ kọjá, ó fi asà lu òwú ìdábùú náà wọlé, ó tún yí ẹsẹ̀ padà. Bí aṣọ ṣe ń pọ̀ sí i, ó ń ká a mọ́ igi tó wà níwájú ikùn rẹ̀, ẹrù náà sì ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí yàtọ̀ sí kíjìpá tí àwọn obìnrin ń hun lórí òfì ìdúró. Ti wọn fẹ̀, ìránpọ̀ abala méjì tàbí mẹ́ta ti tó láti fi ró. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìró tó gùn ní yáàdì 2, tó sì jẹ́ abala 14, á jẹ tó yáàdì 28 lára aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, láìka ibi tí a máa ṣẹ́tí sí. Ẹ wá fojú inú wò ó pé ọwọ́ ènìyàn ló lu òwú ìdábùú wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ yáàdì 28 náà dé òpin, kò sì ṣe é lóòjọ́ kan ṣoṣo.

Bí ẹ bá ra ẹtù tàbí sányán, ọ̀rọ̀ yìí kì bá tí ṣẹlẹ̀. Ìlà tó wà lára ẹtù, ní òòró aṣọ ló ń lọ, nítorí pé nígbà tí wọ́n ń ta òwú ni wọ́n ti tò ó síbẹ̀. Ìbáà jẹ́ ọwọ́ líle ni ahunṣọ fi lù ú, ìbáà jẹ́ ọwọ́ fífẹ́rẹ̀, ìlà náà ń lọ gbọọrọ lọ́nà tirẹ̀, kò sí ohun tó fẹ́ kọjú sí lára abala kejì. Mo ti rán ẹtù tí ahunṣọ mẹ́ta pín hun, kò sì sẹ́ni tó mọ̀. Ọnà ìdábùú ni ò gbà bẹ́ẹ̀. Ojú funfun kan, ojú aró kan, òwú ìdábùú ló gbé e kalẹ̀, nítorí náà bí ọwọ́ bá ṣe lù ú náà ni ojú kọ̀ọ̀kan á ṣe gùn mọ. Aṣọ ọlọ́nà bíi tiyín máa ń tú àṣírí ọwọ́ ẹni tó hun ún.

Ọ̀nà méjì ni ahunṣọ fi ń mọ ìgbà tí ojú kan tó, tí ó sì yẹ kí ó pààrọ̀ òwú. Ẹni tó dáńtọ́ á ní igi kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó ti fi ọ̀bẹ ṣe àmì sí. Ó hun ojú kan tán, ó gbé igi lé e, bí kò bá tíì dé ojú àmì, ó fi òwú kan tàbí méjì kún un. Ẹni tí ó ń kánjú, tàbí ọmọ iṣẹ́ tí ojú rẹ̀ kò tíì là, iye ìgbà tí ó ju ọ̀kọ̀ nìkan ni yóò máa kà. Kíkà yẹn dára bí ọwọ́ bá dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í dúró. Ọwọ́ tó lu òwú ní òwúrọ̀ kì í ṣe ọwọ́ tó lù ú nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀, tí apá ti ń ro ó. Bí ọ̀gá bá sì dìde tí ó ní kí ọmọ iṣẹ́ bá òun parí rẹ̀, tọ̀hún lè ju ọ̀kọ̀ ní iye ìgbà kan náà gan-an kí ojú ọnà sì gùn ju ti ọ̀gá lọ, nítorí pé kò lu òwú wọlé tó bẹ́ẹ̀. Ẹrù ìdí òwú náà ń dá kún un. Bí wọ́n bá mú òkúta kan kúrò lórí rẹ̀, òwú á rọ̀, aṣọ á sì yí ìwọ̀n padà láti ibẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ kí ẹ lè rí bí nǹkan kékeré ṣe ń di ńlá. Ká ní ojú kọ̀ọ̀kan lára aṣọ yín jẹ́ ínǹṣì 3. Nínú abala tó gùn ní ínǹṣì 72, ojú 24 ló máa wà níbẹ̀. Ká wá ní ọwọ́ kejì tó bá wọn hun ún mú kí ojú tirẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú ìdá kan ṣoṣo nínú mẹ́jọ ínǹṣì. Bí ẹ bá gbé ojú kan ti ẹ̀gbẹ́ ojú kan, ẹ ò lè rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́jọ yẹn ní ọ̀nà 24, ínǹṣì 3 gbáko ni, odidi ojú kan. Bí ẹ bá ti to abala méjèèjì dọ́gba ní etí kan, funfun á kọjú sí aró dáadáa níbẹ̀. Ní àárín, ó ti fi ìdajì ojú kan sá. Ní etí kejì, funfun ti dé ọ̀dọ̀ funfun. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe tiyín gan-an nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí n sọ ọ́ láìmikàn pé orí òfì ló ti wá. Bí ó bá jẹ́ pé télọ̀ ló tò ó sódì, etí kìíní náà kò ní bára mu.

Téèpù ló wá bo àṣírí yìí mọ́lẹ̀. Bí a bá fi téèpù wọn abala 14 ní ínǹṣì 72, 72, gbogbo wọn á dọ́gba nílẹ̀, ọkàn ẹni tó gé wọn á sì balẹ̀. Bí ó bá ka ojú 24, 24 ni, abala ọwọ́ kìíní á jẹ́ ínǹṣì 72, ti ọwọ́ kejì á jẹ́ ínǹṣì 75, á sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé aṣọ méjì ló wà nílẹ̀. Ọnà la máa ń kà, a kì í kọ́kọ́ wọn gígùn. Kíkà yìí ṣe pàtàkì fún nǹkan mìíràn pẹ̀lú. Bí iye ojú inú abala bá jẹ́ méjì-méjì láìṣẹ́kù, bíi 24, abala tó fi funfun bẹ̀rẹ̀ á fi aró parí, nítorí náà a ní láti yí orí abala kan padà láàárín méjì kí funfun tó lè kọjú sí aró. Bí ó bá jẹ́ 25, kò sí yíyí kankan: abala kìíní á fi funfun bẹ̀rẹ̀, á sì fi funfun parí, aró ni yóò wà lórí èyí tó tẹ̀ lé e.

Mo mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa nítorí pé ó ti bá mi rí. Oníṣòwò kan kó aṣọ òkè ọlọ́nà wá fún mi láti rán fún ìdílé kan, ó ní ọwọ́ kan ló hun ún. Mo gbà á gbọ́, n kò kà á, mo sì rán ìró mẹ́rin. Nígbà tí mo tẹ́ wọn sílẹ̀, ó dà bíi pé ẹnì kan fa ọnà náà láti ẹ̀yìn. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo sì rí i pé ọwọ́ méjì ló wà níbẹ̀: òkìtì aṣọ méjì láti òfì méjì ni wọ́n dì pọ̀ tà fún un. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá gbé aṣọ ọlọ́nà wá, màá ka ojú mẹ́jọ, màá wọn ọ́n, kí n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá ku ti maṣíìnì. Lábẹ́ ẹsẹ̀ maṣíìnì, eyín kan wà tí ń gbé aṣọ lọ. Aṣọ tó wà nísàlẹ̀ ni eyín yìí ń mú, tòkè wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí náà tìsàlẹ̀ máa ń yára ju tòkè lọ. Lára ańkárá, ẹ ò ní mọ̀. Aṣọ òkè nípọn, ìránpọ̀ rẹ̀ sì gùn, nítorí náà ó máa ń hàn. Ká ní tìsàlẹ̀ fi ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì ṣíwájú nínú ojú rírán kan. Abala 14 ní ojú rírán 13. Bí télọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn láti etí kan náà, gbogbo ṣíṣí yẹn á máa lọ síhà kan náà, á sì fi ínǹṣì 3 àti díẹ̀ dà kó tó parí. Ìyẹn ni gẹ̀rẹ́ tí ẹ rí. Ibi tó yọ síta tí wọ́n ní kí ẹ gé, kì í ṣe àlékún aṣọ. Ara abala náà ni, ipò ló ti ṣí kúrò. Bí ẹ bá gé e, etí aṣọ á dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìdábùú ọnà á ṣì dà gẹ̀rẹ́ yí yín ká, ẹ ò sì ní lè tún un ṣe mọ́ láéláé nítorí pé abala á ti kúrú. Kíká jọ ní tirẹ̀, ohun méjì ló sábà máa ń fà á: òwú maṣíìnì tí wọ́n fà le jù, tàbí télọ̀ tó rí i pé ọnà ń sá, tó wá ń fi ọwọ́ fa abala kan kí ó lè bá èkejì. Bí kíká náà bá wà ní gbogbo ojú rírán bákan náà, òwú ló le. Bí ó bá wà ní ibì kan tí kò sí níbòmíràn, ọwọ́ ló fà á.

Ní ti omi àti áyọ́ọ̀nù, ojú rírán tó ká jọ nítorí òwú tó le kò ní gbọ́ ti omi, nítorí pé òwú náà á ṣì le bí aṣọ bá gbẹ. Aṣọ fúnra rẹ̀ lè súnkì, funfun sì lè gba aró sára. Ẹ sọ pé òwú ni tiyín, nítorí náà áyọ́ọ̀nù tó gbóná níwọ̀nba pẹ̀lú aṣọ funfun tó tutù díẹ̀ láàárín kò ní ṣe é ní nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn títú ni ó wúlò. Ẹni tí tirẹ̀ bá ní ṣáìnì-ṣáìnì nínú kò gbọdọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e, á ká kò bí ọ̀rá.

Ohun tí màá ṣe bí ó bá jẹ́ ọwọ́ mi ni ìró náà wà ni pé màá tú u. Ojú rírán 13 náà ni ẹ máa tú, kì í ṣe ibi tó burú nìkan, nítorí pé gẹ̀rẹ́ yẹn wà nínú gbogbo wọn. Ẹ̀yìn aṣọ ni ẹ ti máa tú u: ẹ gé òwú rírán ní ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta mẹ́ta, lẹ́yìn náà ẹ fa òwú òdìkejì, á yọ gbọọrọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki bíléèdì sáàárín abala méjì kí ó máa fà á lọ. Etí abala ni gbogbo agbára aṣọ òkè wà, bí bíléèdì bá gé òwú etí kan ṣoṣo, á máa tú lọ ni. Èyí náà ló fà á tí n kò fi ń tú aṣọ kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó pọ̀ jù ẹ̀ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá tú u tán, ẹ tẹ́ abala náà sílẹ̀ ní fífẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ibi tí ọwọ́ ti fà á á padà sí ipò rẹ̀ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ̀ ọ́.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá ka ojú mẹ́jọ lára abala kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wọn ọ́n. Bí àpẹẹrẹ tí mo ṣe lókè, abala ọwọ́ kìíní á jẹ́ ínǹṣì 24, ti ọwọ́ kejì á jẹ́ ínǹṣì 25. Ẹ kọ ìwọ̀n náà sórí bébà kékeré kí ẹ fi píìnì há a mọ́ ọn. Ẹ lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n pẹ̀lú, nítorí pé èyí tí ojú rẹ̀ gùn máa ń rọ̀ ju èkejì lọ. Ká ní 9 jẹ́ ti ọwọ́ kìíní, 5 jẹ́ ti ọwọ́ kejì. Àṣìṣe tó wà nínú ìró yín báyìí, bí mo ṣe gbà á gbọ́, ni pé wọ́n to méjèèjì lú ara wọn. Bí ẹ bá kó 9 pa pọ̀, tí ẹ kó 5 pa pọ̀, ọnà á bára mu láàárín àwọn 9 láti etí dé etí, á sì bára mu láàárín àwọn 5. Ojú rírán kan péré ni yóò kù tí kò ní bára mu, níbi tí 9 ti pàdé 5.

A wá lè yan ibi tí ojú rírán kan yẹn máa wà. Bí a ṣe ń ró ìró aṣọ òkè, abala máa ń yí ara ká ní ìdábùú, ọ̀kan lórí èkejì láti ìbàdí dé kókósẹ̀. Ẹ fi àwọn 5 sókè. Abala 5 á fẹ̀ tó bí ínǹṣì 20. Ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé ẹ ó ṣẹ́ bí ínǹṣì 10 lára òkè ìró náà sínú kí ó tó bọ́ sí ìwọ̀n yín. Ó ku bí ínǹṣì 10 nísàlẹ̀ ìbàdí. Bùbá àti ìpèlé tí ẹ máa so mọ́ ìdí á bò ó. Ẹ tún rántí pé ìró ní etí tó ń wọ inú àti etí tó wà lóde. Etí tó wà lóde ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọnà, kí gbogbo sísá rẹ̀ máa lọ sí etí tó wọ inú, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní wò.

Bí wíwọ̀n yín bá fi hàn pé ìwọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ẹ tò wọ́n láti èyí tí ojú rẹ̀ kúrú jù dé èyí tó gùn jù, kí ìyàtọ̀ àárín aládùúgbò méjì má pọ̀. Ìyàtọ̀ tí kò ju ìdajì ínǹṣì nínú yáàdì kan, ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe lè pín in káàkiri láìjẹ́ kí aṣọ ká jọ, bí ó bá jẹ́ òwú bíi tiyín. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Bí wọ́n bá sì yàtọ̀ síra ju kí títò ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́, ọ̀nà kan ló kù tí mo fara mọ́: kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣí abala kan láàárín méjì pẹ̀lú ìdajì ojú, kí ojú kan máa wà láàárín méjì bí bíríkì ara ògiri. Ojú ènìyàn kì í tètè mú àṣìṣe nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Ìró náà á fi ínǹṣì kan àti ààbọ̀ kúrú ní etí kọ̀ọ̀kan, kì í sì í ṣe ọnà tí ẹ sanwó fún. Èmi ò ní kọ́kọ́ mú un.

Kí wọ́n tó tún un rán, ẹ béèrè lọ́wọ́ télọ̀ bóyá ó ti rán aṣọ òkè pọ̀ rí tàbí bùbá àti ṣòkòtò ló ń rán. Kì í ṣe àbùkù. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kì í bẹ̀rẹ̀ láti abala kìíní kí ó máa fi kún un dé 14. Á kọ́kọ́ fi òwú tákì abala méjì méjì pọ̀, á rí i pé ọnà bára mu ní etí, ní àárín àti ní ibi mẹ́rin míì láàárín wọn, ìgbà yẹn ni yóò rán an. Bí ó bá rán ọ̀kan láti ọ̀tún, á rán èyí tó tẹ̀ lé e láti òsì, kí ṣíṣí kan máa pa èkejì rẹ́. Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán an, wọ́n á gbé etí méjì sún mọ́ra, wọ́n á máa fi abẹ́rẹ́ lọ́ òwú yí wọn ká láti ẹ̀yìn. Èyí tó sún mọ́ ọn jù lára maṣíìnì ni sígíságì: etí abala méjì á kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òwú rírán á máa bọ́ sí ọ̀tún, bọ́ sí òsì. Aṣọ á tẹ́, kò sì ní jẹ́ kí fífẹ̀ rẹ̀ dín. Bí wọ́n bá gbé etí kan gun èkejì, ó lágbára jù, ṣùgbọ́n á yọ gbágungbàgun. Bí ó bá sì jẹ ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì nínú ojú rírán kọ̀ọ̀kan, ìró oní-ínǹṣì 56 á di bíi 53. Fún ìró yín, sígíságì ni kí ẹ ní kí ó lò, kí ojú abẹ́rẹ́ jìnnà síra díẹ̀, kí òwú má le.

Mi ò rí aṣọ náà, nítorí náà ohun kan wà tí n kò lè ṣèlérí. Bí télọ̀ bá ti gé etí abala kúrò kí ó tó rán an, tàbí bí ó bá ti fi bíléèdì tọ́ ọ, àwọn abala yẹn ò ní ṣe é rán ní sígíságì mọ́, àfi kí etí kan gun èkejì. Bí ọwọ́ ahunṣọ bá sì yí padà láàárín abala kan náà, tí ojú mẹ́jọ àkọ́kọ́ ò dọ́gba pẹ̀lú mẹ́jọ tó kẹ́yìn lára rẹ̀, kò sí ìtò tó lè wo abala yẹn sàn. Ẹ ra òmíràn dípò rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ sì gbé abala tó dára kan dání láti fi wọn ọ́n lójú rẹ̀. Títú àti títún rán, bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ọjọ́ mẹ́rin tó o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yín tó, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí.

Ní ti agbádá bàbá ìyàwó, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n gé e. Ẹ tẹ́ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ máa ka ojú mẹ́jọ mẹ́jọ, ẹ máa wọn ọ́n, kí ẹ sì so òwú pupa kékeré mọ́ ibi tí ìwọ̀n bá ti yí padà. Ibi òwú pupa yẹn ni ọwọ́ kan ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èkejì. Abala agbádá kì í lọ ní ìdábùú bíi ti ìró, láti etí iwájú ló ti ń gun èjìká lọ sí etí ẹ̀yìn, nítorí náà èjìká ni àárín rẹ̀. Kí télọ̀ ka iye ojú inú abala kọ̀ọ̀kan, kí ó fi òwú ṣe àmì sí àárín rẹ̀, kí ó sì máa to ọnà láti orí èjìká sísàlẹ̀ níhà méjèèjì. Bí sísá bá wà, á pín sí méjì, ìdajì rẹ̀ níwájú, ìdajì lẹ́yìn, ní ìsàlẹ̀ níbi tí aṣọ ti ń ṣẹ́po. Kí àwọn abala ọwọ́ kìíní wà ní àárín, níbi tí ọrùn àti iṣẹ́ ọnà àyà máa wà. Ti ọwọ́ kejì, kí wọ́n pín in dọ́gba sí apá ọ̀tún àti apá òsì, lọ́hùn-ún níbi tí bàbá á ti máa ká a lé èjìká.